Kọ́ráǹtì méjì nínú wáyà mẹ́ta: àkọsílẹ̀ àtúnṣe mótò wíǹṣì kan

Ohun tí ó fa iṣẹ́ yìí

Wíǹṣì kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbàdàn tí a fi ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Okùn irin ni ó fi ń gbé ẹrù, gíà wà láàárín okùn náà àti mótò tí ó ń yí i, búréèkì onísípíríǹgì sì wà lẹ́yìn mótò náà tí ó máa ń di ọ̀pá rẹ̀ mú nígbàkigbà tí iná bá ti kúrò. (Mótò iná ni mò ń sọ nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí, kì í ṣe ọkọ̀.) Àléébù kan ṣoṣo ni wíǹṣì yìí ní, ṣùgbọ́n ó léwu: bí a bá fẹ́ sún ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀díẹ̀ kí ihò bóòtù lè ṣe déédéé, ẹrù máa ń yọ̀ padà sísàlẹ̀ ní kété tí búréèkì bá tú, kí mótò tó rí agbára dì í mú.

Mótò náà jẹ́ ti ìńdọ́kṣọ̀n, onífésì mẹ́ta. Ohun tí a kọ sára páálí irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn ni wáàtì 1500, fóltì 400, hẹ́ẹ̀tìsì 50, áńpíà 3.5, àti ìyípo 1420 ní ìṣẹ́jú kan. Dráífù tí ó ń darí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò mọ̀ ju pé kí ó máa dín fóltì kù bí hẹ́ẹ̀tìsì ṣe ń dín kù, ní ìwọ̀n kan náà. Ní hẹ́ẹ̀tìsì 50, fésì kọ̀ọ̀kan gba fóltì 230. Nítorí náà ní hẹ́ẹ̀tìsì 2, fóltì 9.2 ni ó kàn án. Mo wọn ìdíwọ́ wáyà inú fésì kọ̀ọ̀kan nígbà tí mótò tutù, ó jẹ́ óòmù 4.6. Bí a bá fẹ́ kí áńpíà 3.5 kọjá nínú óòmù 4.6, fóltì 16 ni wáyà nìkan yóò gbà, kí òòfà kankan tó wáyé. Ẹni tí a fún ní fóltì 9.2, tí ó sì jẹ gbèsè fóltì 16 lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìdí nìyí tí ẹrù fi ń yọ̀.

A lè máa fi kún fóltì náà ní ìsàlẹ̀, àwọn kan sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àfikún tí ó tó fún ẹ́ńjìnnì wíwúwo yóò mú mótò gbóná nígbà tí ìwọ̀ wíǹṣì bá ṣófo. Mo pinnu láti kọ́ dráífù tuntun tí yóò ya kọ́ráǹtì mótò náà sí méjì, tí yóò sì máa darí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Apá kan náà, iṣẹ́ méjì

Ẹni tí ó bá ti ti báárò tí wọ́n fi ń kó yẹ̀pẹ̀ rí ti mọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ báárò sókè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tì í síwájú. Gbígbé sókè kò mú báárò rìn rárá, ṣùgbọ́n bí kò bá sí i, títì kò wúlò. Apá kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, ẹni tí ó sì dúró lókèèrè kò lè wo iṣan apá náà kí ó sọ iye tí ó jẹ́ ti gbígbé àti iye tí ó jẹ́ ti títì. Òkè ni ọ̀kan kọjú sí, iwájú ni èkejì kọjú sí, igun 90 ni ó wà láàárín wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ́ráǹtì tí ó ń wọ mótò ìńdọ́kṣọ̀n. Apá kan nínú rẹ̀ ni ó ń gbé òòfà ró nínú irin mótò. Èyí ni mo pè ní kọ́ráǹtì òòfà, `id`. Apá kejì ni ó ń ti rótọ̀, ìyẹn irin ribiti àárín tí ó ń yí. Èyí ni mo pè ní kọ́ráǹtì ìyí, `iq`. Ipá tí mótò fi ń yí ẹrù jẹ́ ìsọdipúpọ̀ òòfà àti `iq`. Nínú mótò àtijọ́ tí ó ń lo iná bátìrì, ọ̀nà méjèèjì yà sọ́tọ̀ láti ilé iṣẹ́: wáyà tirẹ̀ ni òòfà ní, wáyà tirẹ̀ sì ni ìyí ní. Mótò ìńdọ́kṣọ̀n kò ní irú ìpín bẹ́ẹ̀. Wáyà mẹ́ta péré ni ó wọ inú rẹ̀, kọ́ráǹtì méjèèjì sì pò pọ̀ nínú wọn.

Ohun tí ó tún mú un le ni pé òòfà náà kò dúró sójú kan. Ó ń yí kiri nínú mótò ní gbogbo ìgbà, nítorí náà "òkè" àti "iwájú" báárò wa ń yí pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ dráífù ni láti mọ ibi tí òòfà kọjú sí ní ìṣẹ́jú-àáyá gan-an tí ó ń wọn kọ́ráǹtì, kí ó sì wo kọ́ráǹtì náà bí ẹni pé òun náà jókòó sórí òòfà tí ó ń yí. Láti orí ìjókòó yẹn, kọ́ráǹtì tí ń lọ sókè sódò bí ìgbì nínú wáyà mẹ́ta yóò di nọ́ńbà méjì tí ó dúró jẹ́ẹ́. Ìlànà ìṣirò tí ó ń gbé wa gun orí ìjókòó náà ti wà láti ọdún 1929, nígbà tí R. H. Park kọ ọ́ fún àwọn ẹ̀rọ amúnáwá. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n fi darí mótò ìńdọ́kṣọ̀n, K. Hasse ní Darmstadt ní ìparí àwọn ọdún 1960 àti Felix Blaschke ní Siemens ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ọ̀nà ti Hasse ni mo tẹ̀ lé: kò wọn òòfà fúnra rẹ̀, ṣíṣírò ni ó ń ṣírò ibi tí òòfà yẹ kí ó wà.

Nínú kóòdù mi, lẹ́yìn tí mo ti sọ fésì mẹ́ta di `ia` àti `ib`, ìlà méjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn dà:

```c
id =  ia*cosf(th) + ib*sinf(th);
iq = -ia*sinf(th) + ib*cosf(th);
```

Bí igun `th` bá ṣe déédéé pẹ̀lú òòfà, ìpín náà jẹ́ òótọ́. Bí ó bá yẹ̀, `id` àti `iq` tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn yóò máa dúró jẹ́ẹ́ lójú wa, ṣùgbọ́n irọ́ ni wọ́n, nítorí ohun tí a rò pé a ń fi tì ń gbé, ohun tí a rò pé a ń fi gbé sì ń tì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko nìyẹn.

Ìṣirò láti ara páálí irin

Rótọ̀ kò ní wáyà kankan tí ó wọ inú rẹ̀ láti ìta. Kọ́ráǹtì inú rẹ̀ kò lè wáyé àyàfi bí òòfà bá ń sáré jù ú lọ díẹ̀, kí òòfà náà sì máa gba orí àwọn ọ̀pá álúmínì inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ eré yìí ni mo pè ní ìfàsẹ́yìn. Bí a bá ṣe ń béèrè ipá ìyí sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìfàsẹ́yìn gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ẹwà ọ̀nà Hasse ni pé ìbáṣepọ̀ náà rọrùn:

```c
w_slip = iq_ref / (Tr * id_ref);
th += (2*wm + w_slip) * Ts;
```

Ìfàsẹ́yìn ni `w_slip`, `id_ref` àti `iq_ref` sì ni iye `id` àti `iq` tí dráífù ń béèrè. Eré ọ̀pá mótò ni `wm`, ènkódà tí mo so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ń kà á. 2 tí ó wà níwájú rẹ̀ dúró fún òpó òòfà mẹ́rin tí mótò náà ní, nítorí ìpín méjì-méjì ni a ń kà wọ́n. `Ts`, ìyẹn àkókò láàárín ìṣirò kan àti èyí tí ó tẹ̀ lé e, jẹ́ ìdá kan nínú 10000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ohun kan ṣoṣo tí ó ṣòro níbẹ̀ ni `Tr`, ìyẹn àkókò tí òòfà rótọ̀ nílò láti gbọ́rọ̀ sí `id` lẹ́nu. Òòfà dà bí omi tí a ń gbé kaná, kì í yára gbóná, kì í sì í yára tutù. `Tr` ni ó sọ bí ìkòkò náà ṣe tóbi tó. Nítorí ìlọ́ra yìí ni a kì í fi í fọwọ́ kan `id` bí ẹrù ṣe ń yí padà. A ó gbé òòfà ró lẹ́ẹ̀kan, a ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, `iq` tí ó máa ń gbọ́rọ̀ láàárín mílísẹ́kọ́ńdì díẹ̀ ni a ó sì máa fi ṣe gbogbo eré.

Láti rí `id`, mo jẹ́ kí mótò yí láìgbé ẹrù lórí iná ìjọba ní ọjọ́ kan tí fóltì rẹ̀ sún mọ́ 400. Áńpíà 1.9 ni ó ń fà. Mo sọ ọ́ di góńgó ìgbì, ó jẹ́ áńpíà 2.69. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹrù, òòfà nìkan ni ó ń lo kọ́ráǹtì yẹn. Góńgó áńpíà 3.5 tí ó wà lára páálí jẹ́ 4.95. Nítorí pé igun 90 ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, a kò lè yọ 2.69 kúrò nínú 4.95 lásán, ìlọ́po wọn nípa ara wọn ni a ó yọ, kí a tó wá gbòǹgbò rẹ̀:

```
iq = sqrt(4.95^2 - 2.69^2) = 4.15
```

Ó kù kí n wá `Tr`. Òòfà ń yí ní 1500 ní ìṣẹ́jú kan, mótò ń yí ní 1420 lábẹ́ ẹrù kíkún, ìfàsẹ́yìn jẹ́ 80. Mo sọ 80 di rédíánì, ó fún mi ní 8.4 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo fi 4.15 sí òkè, mo fi 2.69 àti 8.4 sí ìsàlẹ̀, `Tr` jáde ní 0.184. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sínú kóòdù. Ẹni tí ó bá ti rí àṣìṣe tí ó wà níbẹ̀ ti yára jù mí lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó yí

Mo fún mótò ní iná, mo béèrè ìyípo 300. Ó kùn bí ẹni tí inú ń bí, ó sì ń fi ìyípo bí 20 ní ìṣẹ́jú kan rákò, bẹ́ẹ̀ ni `iq` ti dé òpin tí mo fún un láti ìṣẹ́jú-àáyá àkọ́kọ́. Àmì yìí dára láti mọ̀ nítorí kò jọ àmì àìsàn mìíràn: bí kọ́ráǹtì bá wà ní òpin, tí mótò kò sì kọjá eré ìrákò kan pàtó, ènkódà ń kà sẹ́yìn. Dráífù ń yọ eré mótò kúrò lára ìfàsẹ́yìn dípò kí ó fi kún un, nítorí náà bí mótò bá ṣe ń gbìyànjú láti yára, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ń dẹwọ́ fún un, títí tí wọn yóò fi pàdé ní ìdajì ìfàsẹ́yìn. Mo pààrọ̀ wáyà fésì méjì sí ipò ara wọn, mótò sì gbéra.

Bí ó bá jẹ́ pé mo fara balẹ̀ ronú lórí ìyípo 20 yẹn ni, n bá ti mọ̀ pé nọ́ńbà mi kò dára. Mótò yìí ìbá ti rákò ní nǹkan bí 40 bí ó bá jẹ́ pé ìfàsẹ́yìn tí ó wà lára páálí ni mo gbé fún un lóòótọ́.

Ìlà tí ó yẹ kí ó tọ́

Láti dán ìpín kọ́ráǹtì wò, mo tú mótò kúrò lára gíà, mo sì so àwo irin ribiti kan tí ó wúwo tó kílò 7.7 mọ́ ọ̀pá rẹ̀. Ìdí tí mo fi lo àwo ni pé kò ní ìjà mìíràn tí ó ń bá mótò jà ju ìwúwo rẹ̀ lọ: ipá tí kò yí padà yóò mú kí eré rẹ̀ máa gòkè ní ìlà tí ó tọ́ gbọn-in. Nígbà tí àwo náà ti ń yí, mo fún `iq` ní áńpíà 4 fún ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, mo yí i sí òdì 4 fún iye àkókò kan náà, mo sì jẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ síwá sẹ́yìn. Bí òòfà bá dúró gbọn-in nígbà tí `iq` ń fò, àwòrán eré náà yóò dà bí òrùlé ilé, ìlà títọ́ gòkè, ìlà títọ́ sọ̀.

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ kò dé orí òrùlé. Nígbà tí `iq` di òdì, àwo náà dá agbára tí ó wà lára rẹ̀ padà sínú dráífù, fóltì orí kàpásítọ̀ fò láti 580 kọjá 750, dráífù sì pa ara rẹ̀. Mo fi résístọ̀ ńlá kan sí i tí yóò máa jó àfikún náà dànù, mo tún bẹ̀rẹ̀.

Òrùlé tí mo rí kò tọ́. Ìlà rẹ̀ gbéra dáadáa, ó wá tẹ̀ bí ẹni tí ó rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìyípo 400 ni eré fi lé sí i dípò 450 tí mo retí. Ẹ̀gbọ́n kan tí ó ń wé kọ́ìlì mótò ní ṣọ́ọ̀bù tí ó tẹ̀ lé tiwa yà wá, ó sì gbé ọwọ́ lé ara mótò náà.

"Mótò yìí ń kùn jù," ni ó wí. "Irin inú rẹ̀ ti yó. Ṣé o kò fún un ní iná àjùlọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, kọ́ráǹtì òòfà tí mo fún un kò ju èyí tí ó ń fà lórí iná ìjọba lọ."

"Ìyẹn ni ohun tí kọ̀ǹpútà rẹ sọ fún ọ. Wọn fóltì rẹ̀."

Ìmọ̀ràn yẹn ni ó tú ọ̀rọ̀ náà fó. Mo ṣírò fóltì tí mótò yẹ kí ó gbà ní àkókò tí eré ń kọjá 900 lábẹ́ áńpíà 4, góńgó rẹ̀ jẹ́ 228. Èyí tí dráífù ń fún un gan-an jẹ́ 242. Fóltì tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ní eré kan náà túmọ̀ sí pé òòfà pọ̀ jù. A jẹ́ pé ìfàsẹ́yìn tí mo ń fún mótò kéré jù, òòfà gidi kò sí níbi tí dráífù rò pé ó wà, apá kan nínú kọ́ráǹtì tí mo pè ní ìyí sì ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ òòfà. Kì í ṣe ìtì ni mo ń tì báárò. Mò ń gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè ré kọjá èjìká.

Mo padà sí ìwé ìṣirò mi. Ìyípo 80 tí mo sọ di rédíánì jẹ́ ti ọ̀pá mótò, ṣùgbọ́n igun `th` jẹ́ ti òòfà iná, tí òpó mẹ́rin mú kí ó yí lẹ́ẹ̀mejì fún ìyípo ọ̀pá kan. Ìfàsẹ́yìn tòótọ́ jẹ́ 16.8, `Tr` sì jẹ́ 0.092. Mo ti rántí 2 yẹn níwájú `wm`, mo sì gbàgbé rẹ̀ nínú ìfàsẹ́yìn.

Mo fi 0.092 sí i, mo retí òrùlé títọ́. Ìlà náà tún tẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ìyípo tí ó kún un kò ju 410 lọ. Ní àkókò yìí, mótò kò kùn mọ́, fóltì sì ti sọ̀ kalẹ̀ sí 207, ó kéré sí 228. Ẹni tí ó bá wo ìlà eré nìkan yóò sọ pé àìsàn kan náà ni, nígbà tí ó jẹ́ òdìkejì ara wọn: nínú ti àkọ́kọ́, òòfà yó jù, nínú ti èkejì, ebi ń pa á, nítorí ìfàsẹ́yìn pọ̀ jù, ohun tí ó yẹ kí ó gbé òòfà ró sì ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìyí. Ipá dín kù nínú méjèèjì. Fóltì nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, láti ọjọ́ yẹn ni n kò sì tíì tún ka ìlà eré láìka fóltì pẹ̀lú rẹ̀.

Kí ló dé tí 0.092 kò fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ìṣirò rẹ̀ tọ́? Mo fi alẹ́ ọjọ́ kan rò ó. Ìyípo 1420 tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí jẹ́ ti mótò tí ó ti ṣiṣẹ́ títí tí ó fi gbóná dé ibi tí yóò gbóná dé. Mótò tèmi tutù. Ìdíwọ́ álúmínì inú rótọ̀ máa ń kéré nígbà tí ó bá tutù, bí ìdíwọ́ bá sì kéré, òòfà máa ń pẹ́ kí ó tó gbọ́rọ̀, `Tr` a sì gùn. Mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, mo ń ka fóltì. Ní 0.114, fóltì dé 228, òrùlé sì tọ́ láti ìsàlẹ̀ dé góńgó, ìyípo 450 géérégé.

Òṣùwọ̀n àti ooru

Mo yọ àwo irin, mo so ọ̀pá kan tí ó gùn ní ìdajì mítà mọ́ mótò, mo sì fi orí rẹ̀ kọ́ òṣùwọ̀n tí àwọn ẹlẹ́ran fi ń wọn ẹran, kí mótò má lè yí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ipá tí ó lè mú jáde ní ìdúró, níbi tí dráífù àtijọ́ ti ń kùnà. Ní áńpíà 4 ti `iq`, òṣùwọ̀n ka kílò 2.1, ìyẹn ipá níútọ̀nù-mítà 10.3, tí ó ju ti páálí lọ díẹ̀. Ní áńpíà 2, ó ka 1.05, ìdajì rẹ̀ gan-an. Nǹkan kan tí ó wù mí níbẹ̀ ni pé ọ̀pá dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n ìgbì inú wáyà mẹ́ta ń yí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìfàsẹ́yìn ni. Rótọ̀ kò rìn, òòfà ń kọjá lórí rẹ̀, ipá sì ń jáde. Bí mo bá sọ `iq` di òfo, ìgbì náà yóò dúró síbi tí ó bá dé, `id` nìkan ni yóò sì kù, bí kọ́ráǹtì bátìrì.

Mo dá mótò padà sára wíǹṣì, mo jẹ́ kí ó gbé ẹrù sókè sódò fún wákàtí kan, mo sì tún gbé e wá sórí òṣùwọ̀n kí ó tó tutù. Ìdíwọ́ wáyà rẹ̀ ti gun òkè láti óòmù 4.6 dé 5.7, tí ó túmọ̀ sí pé ooru rẹ̀ ti fi nǹkan bí 60 lórí ìwọ̀n sẹ́lísíọ́ọ̀sì lé sí i. Ní áńpíà 4, òṣùwọ̀n ṣì ka 2.1. Bí mo bá dúró síbẹ̀, n bá ti sọ pé ooru kò ṣe nǹkan kan. Ní áńpíà 2, ó ka 0.97.

Ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé `Tr` tòótọ́ ti kúrú padà sí itòsí 0.092 nígbà tí kóòdù ṣì di 0.114 mú. Ìfàsẹ́yìn tún ti kéré jù. Ní áńpíà 4, ìyí tí ó sọnù àti òòfà tí ó fi lé sí i fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́, nítorí náà òṣùwọ̀n bò ó mọ́lẹ̀. Ní áńpíà 2, òòfà tí ó fi lé sí i kò tó láti san gbèsè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán `Tr` wò lórí òṣùwọ̀n kò gbọdọ̀ fi ẹrù kíkún nìkan dán an wò.

Rótọ̀ ń yí, n kò lè fi òǹwọn ooru sí i. Ṣùgbọ́n ìdíwọ́ wáyà ìta ṣeé wọ̀n ní gbogbo ìgbà tí mótò bá dúró, nítorí `id` láìsí `iq` jẹ́ kọ́ráǹtì tí kì í yí. Mo lo àǹfààní pé búréèkì ṣì di ọ̀pá mú kí a tó gbé ẹrù, òòfà sì nílò àkókò láti dìde bó ti wù kó rí. Dráífù kọ́kọ́ fi áńpíà 1.5 ránṣẹ́, ó ka fóltì, ó gbé e dé 2.69, ó tún kà á, ìyàtọ̀ áńpíà ni ó sì fi pín ìyàtọ̀ fóltì. Èéṣe tí kò fi kà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Àwọn súìṣì iná inú dráífù máa ń sinmi fún ìdá méjì nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kí méjì má bàa ṣí pa pọ̀, ìsinmi yẹn sì ń jẹ fóltì tí ó tó 11 níbi tí gbogbo fóltì tí mò ń wá kò ju 12 lọ. Nígbà tí a bá yọ ìkàwé kan kúrò nínú èkejì, àṣìṣe náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ìdíwọ́ tí ó rí ni mo pè ní `Rs_now`. Lẹ́yìn ìyẹn:

```c
Tr = 0.114f * 4.6f / Rs_now;
```

Ní óòmù 5.7, èyí fún wa ní 0.092, nọ́ńbà tí páálí ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Òṣùwọ̀n padà sí 1.05 ní áńpíà 2 pẹ̀lú mótò gbígbóná. Ìlànà yìí ní ààlà rẹ̀: ó gbà pé ooru rótọ̀ àti ti wáyà ìta ń rìn pọ̀. Bí wíǹṣì bá di ẹrù mú lórí ìdúró fún ìgbà pípẹ́ láìsí búréèkì, fáànù mótò kò yí, rótọ̀ lè gbóná ju wáyà lọ, `Tr` yóò sì tún ṣìnà. Nítorí náà, mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí ìdúró bá ti kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí búréèkì gba ẹrù náà.

Ìdánwò orí wíǹṣì

A so ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù kan mọ́ ìwọ̀, mo sì fi ẹfun fa ìlà kan la ìlù tí okùn ń wé mọ́ àti férémù tí ó gbé e dúró. Bọ́tìnì òkè: `id` dìde fún ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá nígbà tí búréèkì ṣì dì í mú, `Rs_now` ka 4.8, búréèkì tú. `iq` fò láti òfo dé áńpíà 3.1, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìlà ẹfun náà láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà orí ìlù àti ti férémù ṣì kan ara wọn.